Ilẹ̀ Tí Oòrùn Ò Gbọdọ̀ Rí

Modinat ò tíì fìdí kan ilẹ̀ láti ìdájí. Ó ń yí kọ́ńkéré tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà po bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò rí ìtẹ́. Oòrùn ti gun orí Oregun, ọyẹ́ sì ń fẹ́ fìì-fìì gba àárín òpó irin fáktọ̀rì tuntun tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, yóò wo ojú kọ́ńkéré, yóò tún wo ojú títì.

"Wahab ò tíì dé," ó ń dá sọ̀rọ̀. "Wahab máa pa mí lónìí."

Ilẹ̀ yìí kan náà ló ti dójú tì í. Apá kìíní tí wọ́n dà, kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán ló ti là káàkiri bí ìsàlẹ̀ adágún tó gbẹ. Bàbá Ilésanmí, fómáànù ẹ̀, bu sìmẹ́ǹtì gbígbẹ wọ́n ọn, ó fi pákó dán an títí ó fi ń kọ mànà bíi díńgí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹnjiníà tó yàwòrán ilé náà wá wò ó, ó ní kì í ṣe sìmẹ́ǹtì ló jẹ̀bi: afẹ́fẹ́ àti oòrùn ló fa omi ojú ẹ̀ gbẹ kí ó tó dì. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, mánija fáktọ̀rì, ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ní, "Ìyá, ẹ máa fọ́ èyí, ẹ máa tún un dà. Ṣùgbọ́n bí apá kejì bá tún là, ẹ kó àwọn èèyàn yín kí ẹ máa lọ."

Láti Agege dé Ọgbà, Modinat nìkan ni kọngílá obìnrin tó ń da ilẹ̀ fáktọ̀rì. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń dúró kó ṣubú pọ̀ ju àwọn tó ń kí i lọ.

Ó sì ní tapólì. Ńlá méjì, tó lè dí atẹ́gùn, tó sì lè bo oòrùn. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e fún Wahab, ọkọ Láídé. Láídé ni olórí àwọn obìnrin tó ń ru omi fún un. Ó bímọ, ta ló máa ní kí wọ́n má rí ìbòòji ṣe ìkómọ? Ó rò pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àwọn tó da kọ́ńkéré. Àfi bí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ṣe já lójijì ní ìrọ̀lẹ́ àná. Láyé SAP tí ọjà ti wọ́n gógó yìí, sìmẹ́ǹtì tí o bá rí lánàá tí o ò lò lónìí, ẹlòmíì á bá ọ lò ó. Ìdájí ni wọ́n ti da apá kejì. Wahab ṣèlérí pé kí oòrùn tó mú, òun á ti gbé tapólì dé. Oòrùn ti mú.

"Ìbísọ́lá!" Modinat pariwo sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin olómi. "Mò ń lọ sí Ọgbà. Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn rójú ilẹ̀ yìí. Ẹ má da omi sí i, ó ṣì rọ̀, á fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lójú ẹ̀. Bàbá Ilésanmí ò sì gbọdọ̀ wọ́n sìmẹ́ǹtì gbígbẹ!"

"Ṣé èmi lẹ ń fi ọmọdé ṣọ́?" bàbá náà bú mọ́ ọn.

Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ọ̀kadà ti gbé e.

Àáfà ń wàásù lọ́wọ́ níbi ìkómọ nígbà tí Modinat wọlé dé, tòun ti ẹsẹ̀ tó funfun fún sìmẹ́ǹtì. "Ẹ kú oríire o! Ẹ kú ọwọ́ lómi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ló bá dá ọwọ́ lé okùn àkọ́kọ́.

Wahab fò dìde. "Àǹtí Modi, ṣé orí yín pé?"

"Orí mi pé. Ilẹ̀ mi ló fẹ́ là."

"Ẹ fẹ́ tú ìbòòji lórí àáfà?"

"Àáfà ní láwàní. Kọ́ńkéré mi ò ní nǹkan kan lórí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Wahab ò rẹ́rìn-ín. Modinat ti tú okùn kejì. "Ọmọ yín wà nínú ilé, ó wà lábẹ́ òrùlé. Tèmi ló wà níta tí oòrùn ń jẹ."

Láídé yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá Ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e! Èmi ni mo ru omi apá kìíní, mo rí bó ṣe là."

Wahab ò wo ojú fèrèsé. "Ẹ gbé e lọ," ó sọ fún Modinat, ohùn ẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo èèyàn yìí, ìyàwó mi ò ní ru omi fún yín mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀, ó gbé tapólì sórí.

Nígbà tó padà dé Oregun, ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ń ṣe ségesège. Aṣọ ìró tò lọ láti òpó dé òpó, ó ń lù pàù-pàù nínú atẹ́gùn. Ìbísọ́lá àti àwọn yòókù dúró pẹ̀lú tòbí nídìí, wọ́n yí Bàbá Ilésanmí ká. Páànù sìmẹ́ǹtì gbígbẹ wà lọ́wọ́ bàbá náà.

"Wọ́n ní bí mo bá wọ́n ọn, inú ẹ̀ làwọn máa sin mí sí," ó fi ẹjọ́ sùn.

"Wọn ò purọ́. Ṣé ó là?"

"Níbi igun yẹn. Ó tín-ín-rín bí irun."

Modinat bẹ̀rẹ̀ wo igun náà. "Ṣé ó ṣì ń gba ìka?"

Bàbá Ilésanmí tẹ̀ ẹ́ wò. "Ó ṣì ń gbà á." Ó gbé páànù sílẹ̀, ó mú pákó ìdánlẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí àpólà igi, ó tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dán an, ó tún dán an. Kì í ṣe òpè. Ìlà náà pa ẹnu dé. Wọ́n ta tapólì kan dí ọ̀nà atẹ́gùn, wọ́n na èkejì lókè orí ilẹ̀, kò fara kàn án.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí àtàǹpàkò ò lè fi àpá sí i mọ́, Modinat ní kí wọ́n kó àpò ìdọ̀họ wá, kí wọ́n fọ̀ wọ́n dáadáa, kí wọ́n sì ju èyí tí wọ́n fi kó ṣúgà nù, torí ṣúgà kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì dì. Wọ́n rin wọ́n gbindin, wọ́n tẹ́ wọn bo ilẹ̀ náà.

"Ṣebí wọ́n ní omi púpọ̀ ń ba kọ́ńkéré jẹ́?" Bàbá Ilésanmí béèrè.

"Èyí tí a fi pò ó nìyẹn, bàbá. Tí ó bá pọ̀ jù, á mú un rọ̀. Èyí tí a fi bò ó lẹ́yìn tó ti dì ló ń mú un gbó. Ọmọ tuntun ni. A ò ní ṣí aṣọ lára ẹ̀ títí di ọjọ́ kẹjọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn le. Omi ẹ̀rọ ò yọ, kànga ilé kejì ni wọ́n ń fà. Láìsí Láídé, àwọn obìnrin ń jà lórí ta ló kàn. Modinat ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Yóò ki ọwọ́ sábẹ́ àpò, bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, igbe ló máa fi bọnu. Tó bá tutù tó tún gbẹ, tó tún tutù, ó ní, ìyẹn gan-an ni yóò tún là á.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Adésànyà dé. Wọ́n ká àpò kúrò. Ó ní kí wọ́n da omi sí gbogbo ilẹ̀ náà. Gbogbo wọn ló mọ ìdí: bí ìyókù bá ti gbẹ tó funfun, ojú ibi tó là á ṣì dúdú bí ìlà. Wọ́n dúró. Omi ń gbẹ, ilẹ̀ ń funfun díẹ̀díẹ̀. Igun tó là níjọ́sí ló gbẹ kẹ́yìn. Ó funfun. Kò sí ìlà.

"Ẹ lọ fọ́ apá kìíní, kí ẹ tún un dà," Adésànyà wí, ó ń lọ. "Ẹ̀yin náà lẹ máa dà á."

Àwọn obìnrin hó yè. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ ni Modinat rí Wahab lẹ́bàá òpó, àti Láídé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ lẹ́yìn.

"Ẹ ò tíì bẹ̀ mí," Wahab wí.

Modinat tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni rìn lọ sí àárín ilẹ̀ náà, ó kúnlẹ̀. Kọ́ńkéré ṣì tutù lábẹ́ orúnkún ẹ̀. "Mo tú ìbòòji lórí àlejò yín. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí Láídé padà."

Wahab wo ìyàwó ẹ̀. Láídé ti ń tú okùn garawa.

"Kò ní gbé nǹkan wúwo títí ọmọ fi máa ṣe ogójì ọjọ́," Wahab kùn.

"Kó jókòó kó máa pàṣẹ. Ohun tí mo nílò nìyẹn." Atẹ́gùn tún ń dìde, ó gbá tapólì. Modinat ti dìde, ó ti ń rìn. "Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí! Ẹ tètè sọ fún mi o, ta ló tún lóyún nínú yín?"