Ẹni Tó Ń Kó Ẹrù Ló Ń Wọlé Jù

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù, ìròyìn ti wà nínú ìméèlì Adelé kó tó dé ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó to orúkọ àwọn oníbàárà tí àsansílẹ̀ wọn máa parí láàárín oṣù náà, ó sì fi àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: pupa fún ẹni tó jọ pé ó fẹ́ lọ, ìyeyè fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì, àwọ̀ ewé fún ẹni tó fìdí kalẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà kò tóbi. Wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ilé ìwòsàn àti ilé oògùn ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn àti ọjà inú sítọ́ọ̀. Wọn kì í tà á pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ń san àsansílẹ̀ ọdún kan. Tí ọdún bá yí po, kó tún un san tàbí kó máa lọ. Iṣẹ́ Adelé ni pé kí wọ́n má lọ.

Adelé kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí olórí ẹ̀ka ìsọdọ̀tun fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí obìnrin yìí delé síbẹ̀ ná, kó máa bá wọn wò ó. Láti ìgbà náà ló ti ń wò ó, tí owó oṣù rẹ̀ àti tábìlì rẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó lọ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé, Ọ̀gá kò fi epo bọ iyọ̀.

"Oṣù yìí ló máa sọ ọ́. Tó bá dára, màá fọwọ́ sí ìwé rẹ. Tí kò bá dára, màá mú ẹlòmíì wá láti ìta, wàá sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ àtijọ́."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó dára, sà?"

"Ka àwọn pupa. Mo ti fọwọ́ sí ẹ̀dínwó fún wọn, àwọn nìkan. Pupa tó bá gbà á tó sì tún san, a ó kà á pé ìwọ lo gbà á là."

Ẹni tó pupa jù lọ nínú ìròyìn náà ni ilé ìwòsàn eyín kan. Ìròyìn ní ó ti lé ní oṣù kan tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ti wọlé sórí ètò gbẹ̀yìn. Adelé fi ìwé ẹ̀dínwó sínú báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ìyàwó dókítà ló ń bójú tó ọ́fíìsì ibẹ̀, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ìkòkò sórí iná.

"A ò lò ó kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ kọjá sẹ́yìn káńtà, ẹ wá fi ojú ara yín rí i."

Adelé kọjá sẹ́yìn káńtà. Ètò náà ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ àwọn aláìsàn ọjọ́ náà kún inú rẹ̀, ìyàwó dókítà sì ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Ẹ kì í jáde nínú rẹ̀ ni, mà?"

"Ká jáde lọ síbo? Tí a bá jáde, ta ló máa rántí páásìwọ́ọ̀dù? Dókítà? Orúkọ tèmi gan-an, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń rántí."

Aláìsàn kan tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú rẹ́rìn-ín, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Adelé kò rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbi tí mo dúró sí yìí lè ka àìsàn gbogbo àwọn tó jókòó sọ́hùn-ún. Ẹ máa tì í nírọ̀lẹ́. Màá kọ́ yín bí ẹ ó ṣe yan páásìwọ́ọ̀dù tí ẹ ò ní gbàgbé."

Ó kọ́ ọ. Bí ó ṣe ń pa báàgì dé, ìyàwó dókítà na ọrùn.

"Ìwé wo nìyẹn? Ó jọ pé orúkọ wa ni mo rí lára rẹ̀."

Ẹ̀dínwó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá fi sílẹ̀ sórí káńtà, wọ́n á tún san, wọ́n á sì kà á fún un ní ọ́fíìsì pé ó gba ẹnì kan là. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń gbà là nínú ẹni tí kò bọ́ sódò?

"Fún ẹni tó fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni, mà. Ṣé ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀?"

"Kí n tún lọ kọ́ òmíràn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Á jẹ́ pé kì í ṣe tiyín," ni Adelé wí. Ó dágbére, ó sì lọ.

Nígbà tí ó padà dé ọ́fíìsì, kò dé ìdí tábìlì rẹ̀ kó tó yà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ṣe ìròyìn náà. Onígíráàfù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ènìyàn bá bi í pé báwo ni ara, ó lè ya gíráàfù rẹ̀ fún un.

"Kí ni ìròyìn yìí ń kà gan-an?"

"Iye ìgbà tí wọ́n wọlé, ẹ̀sùn tí a ò tíì yanjú, àti bóyá báńkì kọ̀ láti gba káàdì wọn."

"Tí wọ́n bá wọlé, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Ìwọlé ni ìwọlé, Adelé. Ẹni tó ń wọlé, ó ń lò ó."

"Ẹni tó ń kó kúrò nílé ńkọ́? Lọ́jọ́ tó bá ń kó ẹrù, òun ló ń wọlé tó ń jáde jù ládùúgbò."

Onígíráàfù gbé búrẹ́dì tó ń jẹ kalẹ̀. "Fa àga yẹn mọ́ra."

Wọ́n fi àwọn pupa sílẹ̀. Wọ́n ń ṣí àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn aláwọ̀ ewé ń ṣe lórí ètò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń ta oògùn, àwọn kan ń gba aláìsàn, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan ilé oògùn ńlá kan tó ní ẹ̀ka káàkiri ìlú, tí àsansílẹ̀ rẹ̀ máa parí ní ìparí oṣù. Kò sí ẹni tí àwọ̀ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó tiwọn. Ìwọlé wọn ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n akáńtì wọn, ẹni tó ń bójú tó ìwé owó wọn, nìkan ló ń wọlé ní àfikún yẹn, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe: ó kó àkọsílẹ̀ ọjà ẹ̀ka kan jáde, ó kó ti oníbàárà, ó kó ti àwọn tó ń kó ọjà wá fún wọn, ó bọ́ sí ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e.

"Ó ti kó yàrá tán," ni Onígíráàfù sọ. "Ó ti dé pálọ̀."

"Ẹ̀sùn wọn ńkọ́?"

"Wọ́n mú ẹ̀sùn wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ti yanjú."

"Ta ló yanjú rẹ̀?"

Onígíráàfù fi ọwọ́ họ orí. "Ẹ̀rọ ni. Tí a bá fèsì, tí oníbàárà kò bá dá wa lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ á kà á sí pé ó ti yanjú."

"Tàbí pé ó ti sú u."

Adelé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá kò gbé ojú sókè. "Aláwọ̀ ewé ni wọ́n. Má lọ jí ẹni tó ń sùn. Tí o bá bi í pé ṣé ó fẹ́ lọ, o ti rán an létí pé ọ̀nà wà. Pupa mélòó lo ti rí gbà?"

"Àsansílẹ̀ wọn ń parí lóṣù yìí, sà. Iṣẹ́ mi ni kí n yọjú sí wọn."

"Nígbà náà, ìwọ lo fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn débẹ̀ o."

Ẹni tó ni ilé oògùn náà ti hu ewú. Ó wọ aṣọ funfun iṣẹ́, ó gbé awò ojú sí àárín orí, ó sì ń yọ páálí oògùn sínú àpò ńlá kan nínú sítọ́ọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Màmá Apòògùn. Adelé kí i, ó sì sọ iléeṣẹ́ tó ti wá.

"Ẹ̀yin! Odidi ọdún kan, ìméèlì la fi ń ríra. Ọjọ́ tí mo ń lọ lẹ wá mọ ojú ọ̀nà. Ta ló ta yín lólobó?"

"Kò sẹ́ni kankan, mà. Mo rí i pé akáńtì yín ń kó àkọsílẹ̀ jáde."

"Ẹ ń ṣọ́ wa?"

"Ètò náà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá kó nǹkan jáde. Ẹ̀yin lẹ ni àkọsílẹ̀ yín, mi ò wá dí yín lọ́wọ́. Mo wá béèrè ìdí ni."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀dínwó lẹ gbé wá?"

"Mi ò gbé ẹ̀dínwó wá, mà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀dínwó kì í dá oògùn dúró kó má bàjẹ́." Ó gbé páálí kan sókè. "Ọjọ́ èyí ti kọjá. Mo ń lọ dáná sun ún. Ẹ̀ka mi kejì sì ń wá irú rẹ̀ kiri títí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ rí i lójú ewé kan ṣoṣo: oògùn wo ni ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá kọjá, ẹ̀ka wo ló wà, kí n tètè gbé e lọ síbi tó ti ń tà. Ètò yín ní kí n máa ṣí ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn kiri. Mo kọ̀wé sí yín. Ẹ fi ìwé bí a ṣe ń ṣí ẹ̀ka ránṣẹ́. Mo tún kọ̀wé, ẹ tún fi ìwé kan náà ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní kí akáńtì máa di ẹrù wa."

Adelé wo inú àpò náà. Ó kún fún oògùn tí ẹnì kan ìbá ti lò. Inú bí i, ojú sì tì í pẹ̀lú.

"Mà, nígbà tí ọjà bá dé, ṣé ẹ máa ń kọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sínú ètò?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Á jẹ́ pé gbogbo ohun tí ẹ ń béèrè ti wà nínú rẹ̀, a ò tò ó fún yín ni. Ẹ fún mi títí di ọjọ́ Ẹtì."

"Tí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi máa wá bá akáńtì yín parí ẹrù dídì."

Màmá Apòògùn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, eléyìí kì í sá fún iṣẹ́!"

Onígíráàfù ló tò ó. Ó ráhùn fún ọjọ́ kan, ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ewé náà ti ṣí níwájú Màmá Apòògùn, gbogbo ẹ̀ka lójú kan náà, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù lọ wà lókè. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó sì pe awakọ̀ rẹ̀ pé kó lọ gbé páálí mẹ́rin láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ló tó yíjú sí Adelé.

"Oṣù mẹ́ta ni màá san. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Tí ewé yìí bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, a ó sọ ti ọdún."

Ní ìparí oṣù, Ọ̀gá pe Adelé wọlé. Onígíráàfù tẹ̀ lé e, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ apá.

"Pupa mélòó lo gbà là?"

"Méjì, sà."

"Méjì péré! Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Méjì ti ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ wọn pa. Mẹ́rin kò tilẹ̀ fẹ́ lọ. Wọn kì í jáde nínú ètò ni. Wọ́n ti tún san, mi ò sì fún wọn ní ẹ̀dínwó."

"Tí o bá fún wọn, mẹ́fà là bá kà fún ọ."

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀, o sì fi sílẹ̀?"

"Owó iléeṣẹ́ ni, sà. Mi ò rí ohun tí a máa fi rà."

Onígíráàfù wú ikọ́, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí Ọ̀gá. Ó ti wo gbogbo àwọn tó lọ lọ́dún tó kọjá, àti àwọ̀ tó wà lára kálukú wọn lóṣù tí wọ́n lọ. Ju ìdajì wọn lọ, àwọ̀ ewé ni.

Ọ̀gá wò ó títí. "Ta wá la ti ń fún ní ẹ̀dínwó láti ọjọ́ yìí wá?"

"Àwọn tó gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù, sà," ni Onígíráàfù dáhùn.

Ọ̀gá fa dúróà, ó mú ìwé kan jáde, ó sì gbé e ka iwájú ara rẹ̀.

"Mo ní pupa ni màá fi wọ̀n ọ́. Lórí ìwọ̀n yẹn, o ò yege. Mi ò ní purọ́ fún ọ." Ó ṣí ìdérí bírò. "Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà ló wọ́." Ó fọwọ́ sí i. "Ẹ̀dínwó ti parí láti òní. Àwọn aláwọ̀ ewé ni mo ń bẹ̀rù báyìí. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà."

Adelé dúpẹ́, ó mú ìwé náà, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Kò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó to àwọn aláwọ̀ ewé tí àsansílẹ̀ wọn ń parí sójú kan, ó gbé fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ni ohun tí ẹ ti béèrè lọ́wọ́ wa rí tí a ò ṣe?"