Ìpín Mẹ́fà, Ìpín Mẹ́sàn-án

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà Gbémisọ́lá sọ ní Mọ̀rógbò nìyẹn, lọ́jọ́ tí dókítà wí pé àtọ̀gbẹ ló ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ jà, irú èyí tí kò ní fi abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì sílẹ̀ títí ayé. Gbogbo ilé ń sunkún. Ìyá àgbà kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó dìde, ó lọ ra òṣùwọ̀n ìdáná. Ó ní, "Ọlọ́run tó ka irun orí wa kò ní bínú bí a bá ka òkèlè wa."

Òṣùwọ̀n yẹn náà ló wà nínú báàgì Gbémisọ́lá nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé òun àti Dosu kọjá sí erékùṣù Gberefu. Ọmọbìnrin náà ti di aránṣọ báyìí, Dosu sì fẹ́ fi ṣe aya. Ṣùgbọ́n ní ilé àwọn Dosu, a kì í lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kí ọmọ náà tó bá ìyá ọkọ jẹun nínú àwo kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ àwo, ó kọ ilé nìyẹn. Bàbá Dosu ti kú; Tàntí Zipporah, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, ni olórí ìdílé, òun ló sì ń wo àwo.

"Tàntí ò fẹ́ kí o jẹun," Dosu sọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí iyanrìn. "Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe ní Àjàṣẹ́, lódìkejì ààlà, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní oúnjẹ wa á pa ọ́. Wọ́n á bù tìrẹ lọ́tọ̀."

"Bí wọ́n bá bù ú lọ́tọ̀, mo wọ ilé yín àbí n kò wọ̀ ọ́?"

Dosu bẹ̀rẹ̀ sí í yára rìn.

"Mo bi ọ́ ní nǹkan, Dosu."

"O ò wọ̀ ọ́," ni ó wí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Nígbà náà mà á jẹ nínú àwo."

Ìyá Dosu gbà wọ́n tẹ̀rín tẹ̀yẹ. Obìnrin tó ń yan ẹja ni, èéfín ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú rẹ̀. Ó kí ọmọ náà ní èdè Ègùn, ó kí i ní Yorùbá, ó ní omi àgbọn ni a fi ń gba àlejò ní etí òkun. Ó da omi àgbọn kún ife ńlá kan. Gbémisọ́lá kúnlẹ̀, ó gbà á, ó mu ún tán, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì tí Dosu ti sọ fún un kì í:

"Àṣàkẹ́, ẹni a ṣà kẹ́,
ọmọ tó gba ojú omi wá láì ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́.
Òkun ń hó, kò sá,
ọ̀sà ń ru, kò sá.
Wá, kí o bá mi rokà."

Gbémisọ́lá rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀lé e wọ ilé ìdáná.

Pínọ́n ni wọ́n fẹ́ ṣe, oúnjẹ àwọn Ègùn, gàrí tí a fi omi ẹja àti tòmátò rò lórí iná títí á fi pupa bí iyùn. Kí ìyá Dosu tó da gàrí, Gbémisọ́lá ní, "Mà, ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n."

"Kí lo fẹ́ wọ̀n lára gàrí? Gàrí náà ń ṣàìsàn ni?"

"Èmi ni mò ń ṣàìsàn, mà. Òun ni mo fẹ́ yẹ̀ wò."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbémisọ́lá wọn ìkòkò òfìfo. Ó wọn gàrí gbígbẹ: ẹgbẹ̀ta gíráàmù. Ó ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe é, pé ìwúwo gàrí kọ́ ni òun ń kà. Ohun tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ni òun ń kà. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù gàrí gbígbẹ, nǹkan bí ọgọ́rin ni ó ń di ṣúgà. Nínú ẹgbẹ̀ta, á jẹ́ irinwó lé ọgọ́rin. Ẹja kò ní in. Òróró kò ní in. Tòmátò tí wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nígbà tí pínọ́n jinná, ó gbé ìkòkò sórí òṣùwọ̀n, ó yọ ìwúwo ìkòkò kúrò. Pínọ́n fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹgbàá gíráàmù, nítorí omi ti wọ inú gàrí. Irinwó lé ọgọ́rin gíráàmù ṣúgà ti fọ́n káàkiri inú ẹgbàá. Nítorí náà, ọgọ́rùn-ún gíráàmù pínọ́n, mẹ́rìnlélógún péré ni ṣúgà inú rẹ̀.

"Bí mo bá bu igba lé àádọ́ta," Gbémisọ́lá wí, "ọgọ́ta gíráàmù ni mo jẹ. Ìpín mẹ́rin nìyẹn."

"Ìpín?"

"Ìpín kan, gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, mà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kílíníìkì nìyẹn. Ìpín kan, yúnìtì ínsúlíìnì kan."

Ìgbà náà ni Tàntí Zipporah wọlé. Obìnrin gíga, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán bí òpó. Ó gbé abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bíbọ̀ kan dání, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kún dé etí abọ́. Ó gbé e ka iwájú Gbémisọ́lá.

"Èyí ni tìrẹ. Kò ní ṣúgà."

Gbémisọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Tàntí. Ṣùgbọ́n ó ní in, mà. Bí mo bá jẹ abọ́ yìí tán, á tó ìpín mẹ́jọ. Pínọ́n tí mo fẹ́ jẹ, mẹ́rin ni."

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Àwọn tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́."

"Ẹ máà bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnì kan péré ni mo tọ́jú rí, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí."

Ìyá Dosu fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà yọ. Tàntí rí i, ojú rẹ̀ le sí i.

"Ó dáa. Jẹ nínú àwo. Ṣùgbọ́n kà á lójú mi. Bí o bá ṣìṣe, o kò ní fọwọ́ kan àwo ilé yìí mọ́. Èmi kì í gbé òkú ọmọ ẹlòmíràn sọdá ọ̀sà."

Gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Dosu gbé àwo amọ̀ ńlá jáde, pẹ̀lú àwo ẹja lọ́tọ̀. Gbémisọ́lá wọn pínọ́n tirẹ̀, ó rọra tẹ́ ẹ sí ìhà kan àwo náà. Ó fi ẹ̀wà sísè díẹ̀ sí i, ó wọn òun náà: ó ní ìpín kan. Ìyá Dosu bu tirẹ̀ sí ìhà kejì. Gbémisọ́lá gún ara rẹ̀ ní ìka, ẹ̀rọ kékeré sọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ibi tó yẹ. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde.

"Ìpín márùn-ún," ni ó wí.

"Irọ́," Tàntí wí. "Mẹ́sàn-án ni."

Gbémisọ́lá gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀.

"Omi àgbọn tí a fi gbà ọ́, tí o mu, ńkọ́? Àbí ọ̀fun ẹlòmíràn ló gba lọ?"

Ojú ti Gbémisọ́lá. Òótọ́ ni. Ó ti ka gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò, ó gbàgbé èyí tí ó fi ìkúnlẹ̀ gbà. "Mo gbàgbé, mà. Ife ńlá yẹn á tó gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó di ìpín mẹ́fà."

"Mẹ́sàn-án ni mo wí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti ka ìpín oúnjẹ fún aláìsàn kí ìyá rẹ tó fẹ́ bàbá rẹ. Mẹ́sàn-án!"

Dosu tẹ̀ sí etí ọmọ náà. "Gbémi, gbà fún wọn. Gún mẹ́sàn-án. Kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

Gbémisọ́lá yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ.

"Bí mo bá gún mẹ́sàn-án fún oúnjẹ mẹ́fà, ṣúgà mi á já lulẹ̀. Mà á gbọ̀n, mà á làágùn, mi ò ní dá ọ mọ̀. Ọkọ̀ ojú omi wo lo máa fi gbé mi dé ilé ìwòsàn? Mi ò lè fi ara mi tọrọ àforíjì, Dosu. Bí ilé yìí bá fẹ́ lé mi, kí ó lé mi láàyè."

Ó yíjú sí Tàntí, ó tún kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀.

"Tàntí, mi ò ní gún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ kì í purọ́. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò àgbà, kí ó bèèrè. Ìpín kan tiyín ní Àjàṣẹ́, gíráàmù mélòó ni?"

"Kí ni ìbéèrè yẹn? Mẹ́wàá ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé mẹ́wàá ni."

"Tèmi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

Ìyá Dosu ló kọ́kọ́ pariwo. "Áà! Kóńgò àti tóńgólò!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò rántí bí a ṣe jà pẹ̀lú aláàgbàdo yẹn? Ó ń ta ní tóńgólò, òṣùwọ̀n Àjàṣẹ́, a ń ra ní kóńgò ọjà Agbalata. Òun ò purọ́, àwa náà ò purọ́!"

Tàntí ń fi àtàǹpàkò tẹ àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́sàn-án. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́fà. Ó tún un kà.

"Àádọ́rùn-ún," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Àádọ́rùn-ún ni tèmi náà, mà. Ṣùgbọ́n ìpín gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi wọn ínsúlíìnì tèmi."

"Bí mi ò bá sọ ti omi àgbọn, márùn-ún lo máa gún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣúgà mi ì bá ga. Mo dúpẹ́."

Tàntí mí kanlẹ̀. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo ọmọ náà. "Gún mẹ́fà. Lẹ́yìn wákàtí méjì, wà á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lójú mi. Òróró ẹja yìí pọ̀, ó lè mú kí ṣúgà pẹ́ kó tó dé."

"Mà á yẹ̀ ẹ́ wò, mà."

Gbémisọ́lá gbàdúrà sí oúnjẹ náà, ó gún yúnìtì mẹ́fà, ó dúró díẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ àwo. Ìyá Dosu ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti ìhà kejì. Òkèlè wọn pàdé ní àárín àwo, ìyá náà sì fi ẹ̀yìn ìka gbá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tirẹ̀ ṣeré. Dosu tú èémí jáde.

Tàntí fa àwo ẹja sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹja ńlá kan ni, orí rẹ̀ sì dúró bí ọba láàárín ata. Orí ẹja, ti olórí ìdílé ni. Kò sí aya tó jẹ ẹ́ rí nílé yẹn.

Gbémisọ́lá gbé òkèlè mì. "Tàntí, ẹja, ìpín mélòó ni, nípa ti Àjàṣẹ́?"

"Òdo," Tàntí wí.

"Nípa tèmi náà, òdo ni, mà." Ó na ọwọ́ òsì sábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé abọ́ òfìfo kékeré kan sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi orí ẹja yẹn fún mi."