Bàbá Béjidé Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ẹni tí kò bá tíì rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bínú láìpariwo, kò tíì rí ìbínú.

Lọ́dún 1971, Julianah Ọlọ́rundáre wọ mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó bọ́ sílẹ̀ ní Old Garage l'Óṣogbo, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń kọ́ ọmọ láìní ìwé ẹ̀rí. Mánéjà ilé ìwé rẹ̀ sì ti là á yé e pé bí kò bá rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀ lọ́dún náà, kó má wulẹ̀ padà wá mú ṣọ́ọ̀kì.

Èsì ìdánwò àtiwọlé tó ti wá ṣe ti wà lára ògiri. Àádọ́ta máàkì ni wọ́n fi ń wọlé. Méjìdínláàádọ́ta ni Julianah gbà.

Àwọn tó yege ń fò, àwọn tó fìdí rẹmi ti ń wá mọ́tò. Ìwé ìdáhùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì náà, kí kálukú lè mọ ibi tó ti ṣì í. Julianah kà á láti òkè, ìgbà tó dé ìbéèrè ìrònú tó kẹ́yìn, tó gba máàkì márùn-ún, ó tún un kà. Ó yọ bírò, ó kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wá gba ọ́fíìsì lọ.

Láńrewájú, akọ̀wé ibẹ̀, ọmọ Òṣogbo tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ wá wò ó, òṣómàáló ti dé! Àbúrò, a ò rajà àwìn lọ́wọ́ rẹ o."

"Ẹ rà á, ẹ̀gbọ́n," ni Julianah wí. "Máàkì márùn-ún ni, ìdáhùn tó kẹ́yìn lára ògiri kò dára. Òṣó ni mo sì máa ló títí màá fi gbà á."

Ó fìdí lé bẹ́ńṣì tó wà nínú ọ́fíìsì náà. Láńrewájú rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó rí i pé kò dìde, ó lọ pe Ọ̀gá Ògúndélé.

Ọ̀gá Ògúndélé ti funfun lórí. Òun ló gbé ìbéèrè kalẹ̀, òun náà ló kọ ìdáhùn. Omidan Nọ́síràtù, tíṣà tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀, tẹ̀ lé e wọlé. Julianah kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì dìde.

"Ọmọ yìí, wọ́n ní o sọ pé ìdáhùn mi kò dára," ni Ọ̀gá Ògúndélé wí.

"Kò dára, sà."

Láńrewájú súfèé. Bàbá Ògúndélé wo ọmọbìnrin náà bí ẹni ń wo adìẹ tó fẹ́ gbé àṣá jẹ.

"Ka ìbéèrè náà fún wa."

Julianah ti mọ̀ ọ́n sórí. "Ènìyàn márùn-ún jókòó lórí bẹ́ńṣì kan. Ìkangun kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, èkejì wà lẹ́bàá fèrèsé. Ìkíní, Bàbá Béjidé wà ní ìkangun. Ìkejì, Àpìkẹ́ wà láàárín gan-an. Ìkẹta, Sikirat kò jókòó ti Àpìkẹ́. Ìkẹrin, Táòfíkì sún mọ́ ilẹ̀kùn ju Mùíbì lọ. Ìkarùn-ún, Mùíbì kò jókòó ti Bàbá Béjidé. Ẹ tò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn."

"Sikirat, Táòfíkì, Àpìkẹ́, Mùíbì, Bàbá Béjidé," ni Bàbá dáhùn láìmí. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dé ibo, sà?"

"Àbúrò!" Omidan Nọ́síràtù bẹ̀rù fún un.

"Bẹ́ńṣì nìyí, aunti. Ilẹ̀kùn nìyẹn, fèrèsé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jókòó sí i."

Inú ń bí Bàbá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lójú kì í sá fún bẹ́ńṣì. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé bíi Bàbá Béjidé. Láńrewájú di Mùíbì, Omidan Nọ́síràtù di Àpìkẹ́. Wọ́n pe obìnrin méjì tó ń gbálẹ̀ níta, ọ̀kan di Táòfíkì, èkejì di Sikirat lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìkíní," ni Julianah wí. "Bàbá wà ní ìkangun. Òfin yẹn dúró. Ìkejì, aunti wà láàárín. Ó dúró. Ìkẹta, Sikirat kò jókòó ti Àpìkẹ́, Táòfíkì ló wà láàárín wọn. Ó dúró. Ìkẹrin, Táòfíkì sún mọ́ ilẹ̀kùn ju Mùíbì. Ó dúró."

"Ṣé o ti rí i?" ni Bàbá wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ku ọ̀kan, sà. Mùíbì kò gbọdọ̀ jókòó ti Bàbá Béjidé. Ta ló jókòó tì yín?"

Ọ̀gá Ògúndélé yíjú. Láńrewájú wà níbẹ̀, èjìká kan èjìká. Láńrewájú rọra sún díẹ̀, bí ẹni tó jẹ̀bi.

"Ẹ má sún, ẹ̀gbọ́n! Ibi tí Bàbá fi yín sí lẹ wà yẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mẹ́rin nínú márùn-ún dúró," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Ìyẹn náà kò burú."

"Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, sà. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò kí ẹ wo ibi tí ọbẹ̀ máa wà."

"Kí wá ni ìwọ kọ?"

"Bàbá Béjidé lẹ́nu ilẹ̀kùn, Táòfíkì, Àpìkẹ́, Mùíbì, Sikirat lẹ́bàá fèrèsé."

"Lẹ́nu ilẹ̀kùn?" Bàbá dìde. "Àgbàlagbà? Níbi tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé? Àwọn ọmọdé yóò wá jókòó sínú lọ́hùn-ún? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ Bàbá ti yọ̀. Ìkangun méjì ni ìbéèrè fún un, ọ̀wọ̀ àgbà sì ti bá a mú ọ̀kan kó tó ronú.

"Nílé wa, inú lọ́hùn-ún lẹ máa jókòó, èmi ni màá gbé àga fún yín," ni Julianah wí. "Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kò bi wá léèrè ẹni tó dàgbà. Ẹ wá yẹ tèmi náà wò. Bí ọ̀kan bá wó, màá gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Ó kọjá lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sí ìjókòó ibẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá tó lọ. Sikirat gba ẹ̀bá fèrèsé. Omidan Nọ́síràtù ló kà á lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i bó ti ń kà á. Bàbá wà ní ìkangun. Àpìkẹ́ wà láàárín. Mùíbì ló pààlà Sikirat àti Àpìkẹ́. Táòfíkì sún mọ́ ilẹ̀kùn ju Mùíbì. Bàbá yíjú wo ẹni tó jókòó tì í: Táòfíkì ni, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Márààrún dúró," ni Omidan Nọ́síràtù wí. "Mo sì gbìyànjú ọ̀nà mìíràn lọ́kàn mi, kò sí."

Ọ̀gá Ògúndélé dìde lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. "Láńrewájú, fún un ní máàkì rẹ̀. Kó máa lọ. Kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde níhìn-ín."

"Rárá, sà," ni Julianah wí.

"Kí ló tún kù?"

"Kò lè jẹ́ èmi nìkan ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti ń wá mọ́tò lọ báyìí, wọn ò sì mọ̀ pé ìdáhùn àwọn ló tọ̀nà. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ojú ògiri lẹ ti mú wa, ojú ògiri ni kí ẹ ti dá wa sílẹ̀."

Ó padà jókòó, ó ká apá rẹ̀ mọ́ àyà.

Láńrewájú ń retí kí Bàbá bú ramúramù. Bàbá kàn nawọ́ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. "Nọ́síràtù, tú ìdì ìwé ìdánwò wọn. Gbogbo rẹ̀. Ìwọ Láńrewájú, sáré lọ sí gáréèjì, kó o dá àwọn tó bá ṣì wà níbẹ̀ padà."

"Àwọn tó kọ ìdáhùn tiyín ńkọ́, sà?" ni Omidan Nọ́síràtù béèrè.

"Èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe kí n fi jẹ wọ́n níyà. Wọn yóò mú máàkì tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní fi ẹ̀tọ́ du ẹlẹ́tọ̀ọ́."

Òun fúnra rẹ̀ jáde sídìí ògiri. Ó fa ilà lórí ìdáhùn rẹ̀. Ó gbé bírò sókè láti kọ èyí tó tọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró díẹ̀ kó tó kọ Bàbá Béjidé sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n parí, méje ni wọ́n fi orúkọ wọn kún ti àwọn tó yege. Omidan Nọ́síràtù ní kí Julianah máa lọ, pé lẹ́tà ń bọ̀.

"Ẹ ṣeun, aunti. Ẹ jẹ́ kí n kà á ná."

Ó sì dúró níwájú ògiri, ó ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, láti òkè délẹ̀.