Iye Tí Ọṣẹ Ìyàwó Mi Tó

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tó ń dẹ́rù ba ìyàwó mi, ẹ bi í pé èló ni ọṣẹ tó ń ṣe. Obìnrin tó ń wọn sódà bí ẹni ń wọn wúrà, tó ń rọra dà á sínú omi láìmira, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Màdámù tó ni ilé ìtura lẹ́yìn òpópónà wa fi ọṣẹ náà wẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ló bá ránṣẹ́ pé òun yóò máa gba igba ọṣẹ lóṣù, kí ìyàwó mi wá sọ iye rẹ̀ fún òun lọ́jọ́ kejì. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà mi méjèèjì pọ̀. Télọ̀ ni mí. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, ó ń dúró lọ aṣọ ibùsùn látàárọ̀ dalẹ́, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni wọ́n sì ń fún un lóṣù. Bó bá dalẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, bàtà kò ní fẹ́ bọ́. Bí ọṣẹ bá lè mú iye yẹn wọlé, yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí àwa méjèèjì ń gbàdúrà fún nìyẹn.

A jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ó ń ṣírò. Ogójì ọṣẹ ló ń jáde nínú ìdà kan, ìyẹn èyí tó bá pò tó sì dà sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan. Òróró, òrí, àdín, sódà àti òórùn dídùn súnmọ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ó fẹ́ ka gbogbo owó àpótí onígi tó ń da ọṣẹ sí mọ́ ọn, mo ní rárá, àpótí ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí yóò lò nígbà àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún péré ló yẹ kí ìdà kọ̀ọ̀kan san níbẹ̀. Pẹ̀lú èyí, ó pé ẹgbẹ̀rún méjìlá. Bébà ìdì àti àmì rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì. Ó pín gbogbo rẹ̀ sí ogójì, ó sì di ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta. Ó ní òun á tà á ní irinwó, òun á sì jèrè àádọ́ta lórí ẹyọ kan.

Mo bi í níbo ni owó iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ní, ṣé òun á tún gba owó nínú ilé ara òun ni? Mo ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó ní kí n fi adìẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún bí mi nínú díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ń làágùn tó mi. Ní irinwó, ìdà márùn-ún lóṣù yóò mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré wá fún un. Ilé ìfọṣọ á máa fi wá rẹ́rìn-ín.

Mo wá gba ọ̀nà míì. Mo ní, "Ká ní ara rẹ ò yá lóṣù tó ń bọ̀, tí màdámù sì ń retí ọṣẹ. Èló la máa san fún ẹni tó máa bá ọ ṣe é?"

Kò tiẹ̀ rò ó. "Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún wákàtí kan. Sódà ń jóni lọ́wọ́, Bàbá Ìbejì. Ta ló máa gbà á ní iye tó kéré síyẹn?"

Mo kàn ń wò ó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló fa bébà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni wíwọ̀n, pípò, gígé àti dídì. Oṣù tí ọṣẹ fi ń gbẹ lórí pẹpẹ kò sí níbẹ̀, pẹpẹ ló ń ṣe ìyẹn, òun kọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kún ìnáwó, ẹyọ kan sì di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó fi ọgọ́rùn-ún lé e, torí ìdà míì máa ń bàjẹ́. Ẹgbẹ̀ta. Ó rọra pe iye náà bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a gbé àpẹẹrẹ lọ. Màdámù gbọ́ ẹgbẹ̀ta, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á san irinwó ó lé àádọ́ta. Mo rí i tí ẹnu ìyàwó mi ń là láti gbà. Ṣùgbọ́n ó béèrè bóyá àwọn àlejò ń tọ́jú bébà tí wọ́n fi dì í. Màdámù ní wọ́n ń ya á jù nù ni.

"Ẹ jẹ́ ká yọ bébà nígbà náà, mà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́ta. Bébà ni mo lè yọ, mi ò lè yọ ara mi."

Màdámù wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní kó kó igba àkọ́kọ́ wá.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ìdà kan yóò máa mú wá, owó iṣẹ́ àti èrè, ìyẹn àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lóṣù, kò sì ní í sí ìdì mọ́. Nígbà tí màdámù sanwó oṣù kìíní, ìyàwó mi fi ọṣẹ rẹ̀ fọ ẹ̀wù iṣẹ́ ilé ìfọṣọ, ó ní òun ń dá a padà láàárọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ gbé ẹsẹ̀ lé àga. Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Ó bi mí pé èló ni màá gbà fún wákàtí yẹn. Mo ní ó ti san án tipẹ́.