Ẹ̀yìn Ìwé Bàbá Mákindé

Kí Fèyíkẹ́ tó ka ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ojú ìwé ló máa ń kọ́kọ́ kà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 2014, ní ọ́fíìsì rẹ̀ kékeré ní Braamfontein lẹ́yìn odi, nígbà tí ó ṣí fáìlì Bàbá Mákindé sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Ó tún un kà. Kò sí méjì, kò sí mẹ́rin, kò sí mẹ́fà.

"Tẹjú, ta ló ya fáìlì yìí?" ó bi ọmọ Bàbá Mákindé tí ó jókòó tì í.

"Bọ̀dá Délé, ẹbí wa nílé lọ́hùn-ún ni, ní ọsibítù Iléṣà. Ó kó o sẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi ránṣẹ́. Kí ló dé, Àǹtí?"

"Ojú nìkan ni ẹ̀rọ ya. Àwọn nọ́ọ̀sì ayé ìjọ́un kì í fi ìwé ṣòfò, tojú tẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ. Ìdajì fáìlì bàbá rẹ ṣì wà ní Iléṣà."

"Eish!" Tẹjú di orí mú. "Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ Dádì o. Dókítà ní òun ń retí àkópọ̀ yẹn lónìí. Ẹ ṣáà kọ èyí tí ẹ rí."

Iṣẹ́ Fèyíkẹ́ nìyẹn: kí ó fún fáìlì gbọ̀ǹgbọ̀n sínú ewé ìwé kan fún dókítà tí kò ráyè ka ogójì ojú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Níbi tó ti ń to fáìlì ní kíníìkì kan ní Hillbrow ló ti fi ojú kọ́ ọ.

Ó ń kà á lọ. Ní ojú ìwé karùn-ún, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún Mákindé lọ́dún 1987. Gbólóhùn tó kẹ́yìn níbẹ̀ ní, "A mú un sùn tán, a sì fún un ní abẹ́rẹ́..." Ojú ìwé keje sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "...má ṣe fún un mọ́ láé."

"Kí ni wọn kò gbọ́dọ̀ fún un?" Fèyíkẹ́ ń bi ara rẹ̀.

"Septrin ni!" ni Tẹjú dáhùn. "Tí wọ́n bá lò ó, nǹkan máa ń yọ sí wọn lára. Ẹ kọ Septrin, ká parí ẹ̀."

"O rí i nínú ìwé ni?"

"Rárá, ṣùgbọ́n..."

"Bí mo bá kọ Septrin, dókítà á sá fún Septrin, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ sí gbogbo ìyókù. Kòtò tí a fi ewé bò burú ju èyí tó la ẹnu sílẹ̀ lọ, ọmọ yìí."

Ó mú ojú ìwé karùn-ún tóbi sí i. Ìwé náà fẹ́lẹ́, yíǹkì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti là á kọjá bí òjìji. Ojú ìwé kẹfà ni ẹ̀yìn karùn-ún! Ó yí àwòrán náà, kí apá ọ̀tún di òsì, ó mú un dúdú díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, bí ìràwọ̀ ṣe ń yọ nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ń yọ: "kò mí fúnra rẹ̀"... "wákàtí mẹ́ta".

"Jésù!" Tẹjú dìde dúró. "Ẹ̀yìn ìwé ń sọ̀rọ̀!"

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà níbẹ̀, tí ó kẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ oògùn wà, kíkọ tó wà lójú ìwé bò ó mọ́lẹ̀.

"Àǹtí, S nìyẹn! Mo sọ fún yín, Septrin!"

"Ó lè jẹ́ S. Ó lè jẹ́ G. Ó lè jẹ́ àbàwọ́n." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú, kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bá kọ ọ́, kì í ṣe nísàlẹ̀, òkè pátápátá ló fi sí:

"Láti ojú ìwé kejì dé ogójì, gbogbo ẹ̀yìn ìwé ni kò sí nínú ohun tí mo gbà. Oògùn kan wà tí wọ́n ní kí a má fún un mọ́ láé. Orúkọ rẹ̀ kò ṣeé kà. Nínú òjìji ojú ìwé kẹfà, mo rí 'kò mí fúnra rẹ̀' àti 'wákàtí mẹ́ta', ṣùgbọ́n kò dá mi lójú tán. Ojúlówó ìwé wà ní Iléṣà. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣiṣẹ́ abẹ."

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi í ránṣẹ́ tí Dókítà Olúgbémiga, ẹni tí yóò fún Bàbá ní oògùn oorun, fi pè.

"Ẹ̀gbọ́n, òkè ìwé yín yìí ti lé oorun lójú mi. Mo mọ oògùn tó lè ṣe irú èyí. Òun gan-an ni mo ti kọ sílẹ̀ fún Ọjọ́bọ̀."

Tẹjú fa fóònù yọ, ó pe Bọ̀dá Délé ní Iléṣà.

Délé padà sí ọsibítù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwòrán ẹ̀yìn ìwé náà dé: suxamethonium. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: oògùn tó ń sọ gbogbo iṣan di aláìlágbára ni, títí kan èyí tí a fi ń mí, ìṣẹ́jú mélòó kan ló sì máa ń fi ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ àwọn díẹ̀ wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ohun tí í tú u ká. Wákàtí ni tiwọn. Ẹ̀rọ ló mí fún Mákindé ní 1987. Ó sùn, kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, oògùn mìíràn ni wọ́n lò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnìkan gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà wá láti ìsàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá Mákindé ni, láti ilé rẹ̀ ní Turffontein. Ó mú ewé ìwé kan lọ́wọ́, àkópọ̀ Fèyíkẹ́ tí wọ́n ti tún kọ, orúkọ oògùn náà wà ní ibi tí ó ti ṣófo.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná," ó ní.

"Ẹ mí dáadáa, sà," ni Fèyíkẹ́ wí, ó ń tẹ́tí sí èémí náà bó ṣe ń wọlé tó ń jáde.