Nọ́ńbà Kẹrin Lórí Máàpù

Ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù Kejì ọdún 2025, páálí òròmọdìyẹ mẹ́jọ dé sí Ìwó láti Ìbàdàn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí dírẹ́bà sọ wọ́n kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Hàbíbátù ní Odò-Ọrì. Oòrùn ti yọ, ó sì ti ń ta. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ooru mú débi pé ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ń tẹ́ ẹní sí ìta sùn.

Hàbíbátù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Kareemah, ló ń bá ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ta òròmọdìyẹ. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn sàba lé ẹyin níbẹ̀. Ọmọ ọjọ́ kan ni òròmọdìyẹ máa ń jẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ebi kì í tètè pa irú wọn, nítorí oúnjẹ inú ẹyin ṣì wà nínú wọn. Ooru ló ń pa wọ́n, pàápàá bí wọ́n bá fún pọ̀ nínú páálí tí afẹ́fẹ́ kò sì dé ibẹ̀.

Méjì nínú páálí náà jẹ́ ti Jemimah, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń gbé Kuta. Nígbà òjò ọdún tó ṣáájú, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ pa gbogbo adìyẹ tó kọ́kọ́ sìn. Ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Èkó ní kí ó wá bá òun, kí ó wá máa fọṣọ fún àwọn olówó, kí ó fi Ìníolúwa ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun. Jemimah bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun tún gbìyànjú. Hàbíbátù gan-an ló bá a bẹ ọkọ náà lórí fóònù. Ọkọ gbà, ó ní, “Nítorí tiyín ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni.”

Oníbàárà mẹ́rin ló ni páálí mẹ́jọ náà. Kareemah, ọmọ Hàbíbátù tó ń kàwé ní Ìlọrin, ti ní kí olúkúlùkù fi ibi tí ilé adìyẹ rẹ̀ wà ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù. Ó fi àmì pupa sí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí máàpù, ó kọ nọ́ńbà sí ara àmì kọ̀ọ̀kan, ó ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀, ó sì jù ú sí gúrúùpù àwọn oníbàárà kí ẹni tí àmì rẹ̀ bá ṣì lè sọ̀rọ̀. Fọ́tò náà ni Mùrí oníkẹ̀kẹ́ máa lò, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lójú ọ̀nà Kuta.

Mùrí ti fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún àwọn oníbàárà rí ní Ìbàdàn. Ó jókòó sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà.

“Ẹ wò ó, mà. Fọ́tò lèyí. Kò lè sọ fún wa pé ibi báyìí la wà. Àwa la máa kọ́kọ́ wá ara wa.” Ó ń wá títí ó fi rí orúkọ Odò-Ọrì. “Ibí la dúró sí. Ibí náà la ó ti máa kà á.”

Ó fi èékánná tọ ìlà funfun tó jẹ́ ọ̀nà. Nọ́ńbà kẹta ló kọ́kọ́ kàn, ìyẹn Ìyá Agnes, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Nọ́ńbà kejì tẹ̀ lé e, ìyẹn Lateef, níbi tí ìlú ti parí lójú ọ̀nà Kuta. Nọ́ńbà kìn-ín-ní, ìyẹn Jemimah, wà ní Kuta fúnra rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sójú ọ̀nà kan ṣoṣo bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Nọ́ńbà kẹrin nìkan ló dá dúró ní apá kejì, Alhaji Abdulqowiyy.

“Ìyá Agnes, Lateef, Jemimah,” ni Mùrí wí. “A ó padà gba inú ìlú, a ó wá lọ sọ́dọ̀ Alhaji. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ jìnnà, òun nìkan ló sì wà lọ́hùn-ún. Bí a bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló máa dúró de ẹnì kan. Bí a bá fi í ṣe ìkẹyìn, ẹnì kan ló máa dúró de èèyàn mẹ́ta.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí sínú kẹ̀kẹ́. Ti Alhaji ló kó sí ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn, nítorí ẹni tí a máa já ẹrù rẹ̀ gbẹ̀yìn ni ẹrù rẹ̀ ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀yìn níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ wà, ooru rẹ̀ sì máa ń gba inú irin jáde. Ó ní bí àwọn ti Kuta bá ti sọ̀ kalẹ̀, òun á fa ti Alhaji síwájú síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Hàbíbátù ń wo fọ́tò náà lórí fóònù tirẹ̀.

“Mùrí, kí ló dé tí Alhaji fi jẹ́ nọ́ńbà kẹrin?”

“Bí wọ́n ṣe fi àdírẹ́sì wọn ránṣẹ́ ni Kareemah fi kọ ọ́, mà. Kì í ṣe ètò ìrìn. Kì í ṣe ètò ọjọ́ orí náà.”

“Àwa méjèèjì la mọ ìyẹn. Inú gúrúùpù ló jù ú sí! Alhaji á ti rí i. Jemimah, ọmọ àná, nọ́ńbà kìn-ín-ní. Òun, nọ́ńbà kẹrin. Ìwọ tún wá fẹ́ kí n fi í ṣe àjákẹ́yìn.”

“Ṣé òròmọdìyẹ mọ Alhaji ni, mà?”

“Ẹnu ẹ á kó bá ẹ lọ́jọ́ kan.”

Mùrí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Hàbíbátù kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, Alhaji yìí nìkan ló dìde nínú ìpàdé tó ní kí wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀. Hàbíbátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, Kareemah ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbàgbé aṣọ tí Alhaji wọ̀.

Ó na ìka sí ojú fóònù. “Wò ó, ibi tó wà yìí náà kò jìnnà. Ìka kan péré ni láti Odò-Ọrì.”

“Omi ló wà láàárín, mà. Ìlà búlúù tí ẹ ń wò yẹn, odò ni. Kò sí ìlà funfun kankan tó gbà á kọjá, ìyẹn ni pé kò sí afárá. A ní láti gba ọ̀nà Ìbàdàn jáde, ká tó ṣẹ́rí padà sínú igbó.”

“A ó yára. Kó ti Alhaji síwájú. Èmi náà ń bá ẹ lọ kí n lè kí wọn.”

Òun ló ni ọjà, òun ló sì dàgbà jù. Mùrí tú ẹrù náà, ó tún un kó. Páálí Jemimah méjèèjì ló bọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n yí ọ̀nà náà ká bí Mùrí ṣe wí. Ilẹ̀kùn ọgbà Alhaji wà ní títì nígbà tí wọ́n débẹ̀. Alhaji lọ kí ẹni tó bímọ, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ó ti ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró sójú oòrùn, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sínú rẹ̀ sì dúró pẹ̀lú.

“Mà, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo wọn lọ sábẹ́ igi yẹn,” ni Mùrí wí.

“Kí Alhaji wá bá wa tí a tú ẹrù ẹlòmíì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn bí ọlọ́jà? Ẹ̀ṣọ́ ní wọ́n ti ń bọ̀. Ti wọn nìkan ni kí o sọ̀.”

Wọ́n dúró. Ẹ̀ṣọ́ ń tún un sọ pé Alhaji ti ń bọ̀. Nígbà tó dé, Hàbíbátù kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó kí i. Alhaji dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́.

“Ta ló ni àwọn tó kù yìí?”

“Ti Ìyá Agnes ni, sà, ti Lateef, àti ti ọmọ kan ní Kuta.”

“Kuta? Ẹ ń lọ sí Kuta, ẹ wá kọ́kọ́ yà síhìn-ín?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yẹ ká já tiyín fún, sà. Ẹ má bínú sí nọ́ńbà tí ọmọ yẹn kọ.”

“Nọ́ńbà wo?” Alhaji ronú díẹ̀. “Èyí tó wà nínú gúrúùpù? Mo rò pé nọ́ńbà ilé ni.” Ó wo páálí tirẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ igi. “Hàbíbátù, mo ní fáànù, mo ní jẹnẹrétọ̀, mo ní òṣìṣẹ́. Bó di ìrọ̀lẹ́, màá gbà á. Ta ló ní kí ẹ bá mi gba irú ọlá yìí? Ẹ dìde, ẹ máa lọ.”

Wọ́n já ti Ìyá Agnes. Wọ́n já ti Lateef. Mùrí fa páálí méjì tó kù síwájú, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé wọn, ohùn inú wọn kò pọ̀. Hàbíbátù gbé etí lé ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hasibúná-Lláhù, ‘Ọlọ́run tó wa,’ lábẹ́lẹ̀, ó ń ṣe é títí wọ́n fi wọ Kuta.

Jemimah ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dáná èédú sínú ilé òròmọdìyẹ, ó ti tẹ́ èérún pákó, ó ti po glúkóòsì sínú omi. Ìníolúwa gbé abọ́ kan lọ́wọ́, ó ń fò sókè.

“Ẹ káàbọ̀, mà! Mo ti ń rò pé táyà ló jò.”

Ó kúnlẹ̀, ó ṣí páálí àkọ́kọ́. Àwọn tó wà ní igun ń mí pẹ̀lú ẹnu lílà. Àwọn tó wà láàárín ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ìyẹ́ wọn tutù. Ó ṣí èkejì. Ó ń kó àwọn tó kú sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé àwọn tó yè lọ síbi omi, ó ń ti ẹnu wọn bọ̀ ọ́. Àwọn kan mu. Àwọn kan dojú bọ omi náà, wọn kò gbórí sókè mọ́.

“Ìgbà wo ni wọ́n dé Ìwó, mà?”

“Àárọ̀ ni,” ni Hàbíbátù wí.

“Àárọ̀.” Jemimah wo kẹ̀kẹ́, ó wo Mùrí, Mùrí sì wo ilẹ̀. “Ibo lẹ wá gbà?”

“A kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Alhaji. Jemimah, màá dá òmíràn padà fún ẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ló máa rà á.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ó rà á, mà.” Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ mi wí. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.”

“Jẹ́ kí n tún bá a sọ̀rọ̀.”

“Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ fi orúkọ yín bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. N kò fẹ́ kó rí yín fín.”

Hàbíbátù bá Jemimah jókòó sílẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń fi omi sí òròmọdìyẹ lẹ́nu títí oòrùn fi rọ̀.

Ní Sátidé, nígbà tí Alhaji gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi méjì nínú páálí tirẹ̀ rán Mùrí sí Kuta. Mùrí kò wo máàpù kankan lọ́jọ́ náà. Tààrà ló lọ. Ìyá ọkọ Jemimah ló bá nílé pẹ̀lú Ìníolúwa. Ó ní Jemimah ti bá ọkọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ sí Èkó. Àwọn òròmọdìyẹ tó yè náà, Jemimah ti tà wọ́n fún aládùúgbò kó tó lọ. Mùrí kó páálí méjèèjì padà wá sí Ìwó.

Kareemah kì í kọ nọ́ńbà sí ara àmì mọ́. Orúkọ ló ń kọ. Mùrí ló ń tò wọ́n, Hàbíbátù kì í sì í bi í ní ìbéèrè.

Jemimah kò sin adìyẹ mọ́. Aṣọ ló ń fọ̀ ní Èkó, ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà ní Kuta láìsí i níbẹ̀.