Èsì Kọ́ Ló Ń Ṣíwájú
Kí wọ́n tó lọ fi ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan han ilé ìwòsàn tó fẹ́ rà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin tó kọ ètò náà kìlọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn ni yóò ṣíwájú, àyẹ̀wò á tẹ̀ lé e, kí èsì tó dé. Ó ti ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pamọ́, bí nǹkan bá kọ̀. Bí ilé ìwòsàn yìí kò bá rà á, iṣẹ́ ọdún kan wọgbó.

Ọ̀gá kọ etí ikún. Èsì ló rẹwà jù, òun ló kọ́kọ́ ṣí. Ojú ìwé ṣófo.

Dókítà àgbà ilé ìwòsàn náà ní, "Ṣé òfìfo lẹ ń tà?"

Obìnrin náà yára gbé àwòrán kẹta, ti èsì, sójú kọ̀ǹpútà.

Dókítà tún béèrè pé, "Aláìsàn yìí gba èsì kó tó wọlé?"

"Ẹ má bínú, sà. Ojú fèrèsé lọ̀gá mi gbà wọlé."

Ó gba máòsì lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìforúkọsílẹ̀.